Kíkó Àkójọ Orin láti Spotify Lọ sí Apple Music Láì Da Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Rẹ̀ Rú

Ẹni tó bá ti jókòó to orin sílẹ̀ fún òru ìnáwó rí mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ebenezer Obey ló máa ń ṣíwájú, nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń wá àyè jókòó. Sunny Ade á tẹ̀ lé e bí agbo bá ti ń gbóná, Sikiru Ayinde Barrister á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa tí àwọn ọ̀dọ́ á gba ojú agbo. Ká ní orin 120 ló wà nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lórí Spotify, tí ẹni tó ni ín sì fẹ́ máa lo Apple Music báyìí. Gbogbo orin náà lè dé ibi tuntun tán, kí wọ́n má sì tò bí ó ṣe tò wọ́n mọ́. Ohun tó ń fa èyí kò ṣòro láti mọ̀, ó sì ṣeé dènà.

Àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kíkó yìí ni TuneMyMusic, Soundiiz, àti SongShift fún àwọn tó ń lo fóònù Apple. Kò sí èyí tó ń gbé orin fúnra rẹ̀ nínú wọn. Orúkọ orin ni wọ́n ń gbé. Irinṣẹ́ náà á wọ inú Spotify pẹ̀lú àṣẹ yín, á ka àkójọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á wá orin kọ̀ọ̀kan nínú ilé orin Apple Music, èyí tó bá sì rí ni yóò fi kún àkójọ tuntun. Ìsàlẹ̀ àkójọ ló máa ń fi orin sí. Nítorí náà, bí ó bá rí gbogbo orin ní ìgbà àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe tò ní Spotify náà ni wọn yóò ṣe tò. Ibi tí ọ̀ràn ti ń wọ́ ni orin tí kò rí. Bí orin kọkànlélógójì bá sọnù, kò ní fi àyè sílẹ̀ dè é. Èyí tó jẹ́ kejìlélógójì ni yóò bọ́ sí àyè rẹ̀, gbogbo àwọn tó kù á sì sún sókè. Bí ẹ bá wá fi ọwọ́ ara yín wá orin tó sọnù náà rí lẹ́yìn náà, tí ẹ sì fi kún un, ìdí pátápátá ni yóò balẹ̀ sí, lẹ́yìn orin tí ẹ fẹ́ fi tú agbo ká.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ni kí ẹ kọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà sílẹ̀ níbi tí kò ti lè yí padà. Ẹ ṣí àkójọ náà ní Spotify, kí ẹ wo ọ̀nà tí ẹ fi ń wò ó. Spotify lè to orin fún yín ní ìlànà orúkọ orin, orúkọ olórin, tàbí ọjọ́ tí ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fọwọ́ yín tò ni wọ́n ń pè ní Custom order. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni irinṣẹ́ máa ń kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti yí i sí ọ̀nà mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n sì ti gbàgbé, nítorí náà, ohun tó wà ní ojú wọn yàtọ̀ sí ohun tí irinṣẹ́ yóò gbé. Ẹ dá a padà sí Custom order, kí ẹ sì rí i dájú pé òun gan-an lẹ fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Exportify lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń sọ àkójọ orin Spotify di fáìlì CSV tí Excel tàbí Google Sheets lè ṣí. Orin kọ̀ọ̀kan á wà lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, orúkọ olórin, orúkọ àwo àti bí orin náà ṣe gùn tó. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fi òpó kan kún un ní apá òsì, kí ẹ kọ 1 sí orin àkọ́kọ́ títí dé 120. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ tún ìwé náà tò ní ìlànà orúkọ láìmọ̀, nọ́ńbà náà yóò dá a padà.

Ẹ wá jẹ́ kí irinṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ní Apple Music, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ti tan ohun tí wọ́n ń pè ní Sync Library nínú ètò orin fóònù yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkójọ tuntun náà lè má hàn. Bí irinṣẹ́ bá parí, yóò fi àwọn orin tí kò rí hàn yín. Ẹ má tíì pa ojú ewé náà dé. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ láti inú ìwé yín.

Kí ló ń fà á tí orin tó wà ní ibi méjèèjì kò fi ní ṣeé rí? Orin tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lóde òní máa ń ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ISRC. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ló wà nínú rẹ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an ló sì wà fún: bí olórin kan bá tún orin kan náà kọ lórí ìtàgé, nọ́ńbà mìíràn ni. Bí irinṣẹ́ bá rí ISRC kan náà ní ibi méjèèjì, kò sí iyè méjì. Àmọ́ àwọn àwo àtijọ́ wa, tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà tí kò tíì sí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè ti gba ọwọ́ ju ẹyọ kan lọ dé orí ìkànnì, kí nọ́ńbà wọn sì yàtọ̀. Nígbà náà, orúkọ ni irinṣẹ́ yóò gbára lé, orúkọ wa kì í sì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ebenezer Obey lè jẹ́ Chief Commander Ebenezer Obey níbòmíràn. Sunny Ade lè ní King níwájú, kí ó tún ní His African Beats lẹ́yìn. Àmì ohùn lè wà níbì kan kí ó má sí níbì kejì. Nínú Juju Music, àwo tí Sunny Ade ṣe jáde lọ́dọ̀ Island ní 1982, orin kan wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ 365 Is My Number/The Message. Bí ìkànnì kan bá kọ ìdajì orúkọ náà, tàbí tí ó lo àmì mìíràn láàárín rẹ̀, ó ti tó láti mú kí irinṣẹ́ kọjá lórí rẹ̀.

Èyí tó sì burú ju pípàdánù lọ ni kí irinṣẹ́ mú orin mìíràn tó ní orúkọ kan náà. Ẹ̀yin fi odidi ojú àwo kan sínú àkójọ, orin tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ láìdánu dúró. Ó wá mú ègé kan tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún wá. Irinṣẹ́ yóò sọ pé òun rí i. Kò ní sí nínú àwọn tó kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti mú irú èyí ni àpapọ̀ àkókò. Spotify máa ń kọ iye orin àti iye wákàtí sí òkè àkójọ, Apple Music sì máa ń kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí iye orin bá bára mu ní 120, ṣùgbọ́n tí wákàtí fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dín, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ orin gígùn kan sí kúkúrú. Ẹ wo àwọn tó gùn jù nínú ìwé yín; láàárín wọn lẹ óò ti rí i. Exportify máa ń kọ gígùn orin ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà 900000 jẹ́ ìṣẹ́jú 15.

Bí iye orin kò bá wá bára mu, tí ẹ sì ti pa ojú ewé irinṣẹ́ dé, kò yẹ kí ẹ máa fi ojú wo orin 120 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní 119 ló dé. Ẹ wo orin tó wà ní ipò 60 ní Apple Music. Bí ó bá jẹ́ 60 inú ìwé yín náà ni, ìdajì òkè pé, ìsàlẹ̀ ni èyí tó sọnù wà. Ẹ wo ipò 90. Bí ibẹ̀ bá ti jẹ́ 91 inú ìwé, àárín 60 sí 90 ló wà. Ẹ tún pín in sí méjì. Lẹ́yìn wíwò bíi méje péré, ẹ ti rí i. Ẹ wá a nínú Apple Music, ẹ fi kún àkójọ, kí ẹ sì fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sí àyè rẹ̀. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, láti òkè ni kí ẹ ti máa tún un ṣe, kí nọ́ńbà ìwé àti ti Apple Music lè máa bára mu bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bí àwọn tó sọnù bá sì pọ̀ bíi 20, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbìyànjú irinṣẹ́ mìíràn nínú àkójọ tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n.

Ní Apple Music náà, ẹ wo ọ̀nà tí àkójọ gbà tò. Playlist Order ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó pa àkójọ tó dára rẹ́ nítorí pé ìlànà orúkọ ni fóònù fi ń to orin fún un.

Ọ̀ràn àwọn àwo tí ẹ fi pamọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Orin inú àwo kì í dà rú, nítorí pé ìkànnì tuntun ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀ fún àwo náà. Ohun tó lè yí padà ni ẹ̀dà tí wọ́n mú. Zombie tí Fela ṣe, orin méjì ló wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan tí wọ́n tún tẹ̀ jáde fi orin kún un. Ẹni tó fi ẹ̀dà kékeré pamọ́ lè bá ẹ̀dà ńlá pàdé. Bí àwọn àwo ṣe tò láàárín ara wọn ló máa ń bàjẹ́ jù. Ọjọ́ tí ẹ fi wọ́n pamọ́ ni Recently Added ń tẹ̀ lé, irinṣẹ́ kò sì lè gbé ọjọ́ yẹn lọ. Gbogbo wọn á di ti òní. Bí ó bá tún jẹ́ pé láti orí èyí tó tuntun jù ni irinṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ wọlé, òun ni yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá: àkójọ àwo yín á yí orí kodò. Ẹ fi àwo mẹ́ta dán an wò ná. Bí ó bá yí i, ẹ kó àwọn tó pẹ́ jù lọ ṣáájú, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi àwọn tuntun kẹ́yìn.

Ọ̀nà kan wà tó tún dáni lójú jùyẹn lọ. Ẹ ṣe àkójọ orin kan ní Spotify, kí ẹ mú orin àkọ́kọ́ nínú àwo kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, bí ẹ ṣe fẹ́ kí àwọn àwo náà tò. Nọ́ńbà ipò ni àkójọ orin ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́, nítorí náà yóò dé bó ṣe wà, láti orí orin kọ̀ọ̀kan lẹ sì lè bọ́ sínú àwo rẹ̀.

Ẹni tó ń kúrò ní Spotify kò ní láti kánjú, torí bí ó bá dáwọ́ owó oṣooṣù dúró, àkójọ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí yóò máa fi yẹ tuntun wò. Ẹni tó ń kúrò ní Apple Music ni kó ṣọ́ra: bí owó bá ti dúró, orin tó wá láti ibẹ̀ kò ní ṣeé gbọ́ mọ́, àkójọ náà sì lè lọ. Kí ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò tán kó tó fagi lé e. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ ojú ewé àkáǹtì rẹ̀, kó gba àṣẹ tó fún irinṣẹ́ náà padà. Ní Spotify, Manage apps ni wọ́n pe ibẹ̀, Remove access sì ni ohun tí a ń tẹ̀.