Ìwé Orúkọ Àwọn Tí Ó Péjọ: Ta Ni Yóò Rí I, Ọjọ́ Wo Ni A Ó Sun Ún?

Ẹni tí ó bá ń ra àkàrà tàbí ẹ̀pà sísun ní ọjà mọ̀ pé inú ìwé àlòkù ni wọ́n sábà máa ń dì í sí. Nígbà mìíràn, ìwé ìṣirò ọmọ ilé-ìwé ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè jẹ́ ìwé tí a fa ìlà sí: orúkọ, abúlé, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, àti àmì àtàǹpàkò ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Lókè rẹ̀ ni a kọ ohun tí àwọn ènìyàn náà wá ṣe: ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí kò mọ̀wé, ìpàdé àwọn opó, tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹni tí ó ń jẹ àkàrà náà kò tọpinpin ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè kàwé, ó ti lè mọ ohun tí obìnrin kan kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀.

Orúkọ nìkan kì í ṣe àṣírí, nítorí gbogbo ọjà ni ó mọ orúkọ oníṣòwò. Àkọlé tí ó wà lókè ìwé ni ó ń sọ orúkọ di àṣírí. Obìnrin tí ó ti ń ta aṣọ fún ogún ọdún, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà pé ó mọ̀wé, lè máa wá sí kíláàsì alẹ́ láìfẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí ìwé orúkọ kíláàsì náà bá dé ọwọ́ ẹni tí ó ń bá a díje lọ́jà, ẹ̀gàn ni yóò tìdí rẹ̀ yọ, obìnrin náà kò sì ní padà wá kẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 ní apá kan tí ó dá lórí ààbò ìsọfúnni nípa ara ẹni, àjọ tí ó sì ń bójú tó o ni APDP. Ní Tógò, òfin nọ́ńbà 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Kókó òfin méjèèjì bára mu: kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi ìsọfúnni ṣe, kí a má gbà ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ, kí a má jẹ́ kí ó dé ọwọ́ ẹni tí kò kàn, kí a má sì pa á mọ́ kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀. Ẹni tí ó ni orúkọ lè béèrè láti rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, ó sì lè ní kí a tún un ṣe bí ó bá ní àṣìṣe.

Báwo ni a ó ṣe mú èyí ṣẹ nínú yàrá kan tí kò ní ju pátákó, àtùpà àti bẹ́ǹṣì lọ? Ẹ jẹ́ kí a mú kíláàsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ 30 ni wọ́n, alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní títí dé ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ ìdánwò ìparí, a óò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1.000 fáráǹ owó ọkọ̀.

Ní ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀, ìwé kan ṣoṣo ni yóò máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún tí ó gbà á yóò rí nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ orí àwọn mẹ́rìnlá tí ó ṣáájú rẹ̀. Olùkọ́ yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn alábòójútó, iṣẹ́ sì parí. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dì ru ìwé kan: kíka iye àwọn tí ó wá, wíwá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá mọ́, àti ẹ̀rí pé a san owó. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rí èsì iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan parí kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a pín ìwé náà sí mẹ́ta.

Ìwé kìíní ni ti olùkọ́. Nọ́ńbà 1 sí 30 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì fún ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wá. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá gbàgbé rẹ̀ sórí alùpùpù, ẹni tí ó bá rí i kò lè mọ ẹnikẹ́ni. Ìwé kejì ni ó sọ ẹni tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́: nọ́ńbà, orúkọ, fóònù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, inú àpótí tí a tì ni ó ń gbé, akọ̀wé àti olórí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ìwé kẹta ni ti owó: orúkọ, iye, ọjọ́, ìfọwọ́sí. Ọ̀dọ̀ akápò ni ó ń lọ, kò sì sí nọ́ńbà fóònù tàbí ọjọ́ orí nínú rẹ̀.

Kí a tó kọ ìwé kejì ni a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Níwọ̀n bí àwọn tí ó wà níwájú wa kò ti lè kàwé, ẹnu ni a ó fi sọ ọ́, ní èdè wọn, kí yíǹkì tó jáde. Àlàyé kúkúrú tó: "A fẹ́ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù yín, kí a lè pè yín bí ẹ kò bá wá. Akọ̀wé àti olórí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò máa rí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, a óò sun ún lójú yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a kọ fóònù òun, kò burú, àyè rẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ìyọ̀ǹda tí ènìyàn kò lè kọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ojú àwọn ẹgbẹ́ lè mú kí ènìyàn sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń sọ "rárá". Akọ̀wé yóò kọ "ó gbà" tàbí "kò gbà" sí iwájú nọ́ńbà rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Àwòrán yíyà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹni tí ó fún wa ní nọ́ńbà fóònù kò tíì fún wa ní ojú rẹ̀.

Ìwé owó yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tí yóò gba owó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sí bí akápò ṣe lè ṣe é láìsí ẹ̀rí. Níbẹ̀, kí a má ṣe bí ẹni pé a ń tọrọ àyè. Kí a kàn sọ fún un ní gbangba pé ìwé náà wà, ibi tí ó ń lọ, àti iye ọdún tí yóò lò.

Ààlà lórí ẹni tí ó ń rí ìwé sábà máa ń já ní ibi méjì. Èkíní ni fóònù. Àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wasáàpù lè wọ inú àkójọ àwòrán gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, fóònù mìíràn a sì tún fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ibi kejì ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọpì: fáìlì tí a gbé lọ tẹ̀ níbẹ̀ lè wà nínú kọ̀ǹpútà onílé lẹ́yìn tí a ti lọ. Ohun tí àwọn tí ó ń náwó sí ẹ̀kọ́ náà sábà nílò ni iye: obìnrin 22, ọkùnrin 8, àwọn 26 parí ẹ̀kọ́. Èyí ni kí a fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìwé wò, kí wọ́n wá wò ó níbi tí ó wà, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà.

A lè mọ̀ bí ààlà bá ti já. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá sọ pé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí pè wọ́n, tí ó dá orúkọ wọn ní kíkún, tí ó mẹ́nu ba kíláàsì, tí ó sì ní kí wọ́n ka nọ́ńbà àṣírí àpò owó inú fóònù wọn fún òun kí owó ọkọ̀ lè wọlé, kí a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìwé kejì ti jáde. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má bàa ka nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan yóò parí. Ẹ̀yìn ìwé ni a ó kọ ọjọ́ yìí sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí àpótí bá kún. Ìwé olùkọ́ yóò wà títí ìròyìn ìparí yóò fi jáde. Ìwé orúkọ àti fóònù yóò lo oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kíláàsì, kí a lè pe àwọn tí ó yege wá gba ìwé-ẹ̀rí wọn. Ìwé owó ni yóò pẹ́ jù, nítorí òfin ìṣirò owó OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń tẹ̀ lé, ní kí àwọn tí ó kàn pa ẹ̀rí ìnáwó mọ́ fún ọdún 10. Èyí gan-an ni ìdí tí a fi yọ fóònù àti ọjọ́ orí kúrò nínú rẹ̀. Bí àkọlé rẹ̀ bá jẹ́ "owó ọkọ̀, ọjọ́ ìdánwò" dípò "àwọn àgbà tí kò mọ̀wé", ọdún mẹ́wàá náà kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà.

Ètò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Aládùúgbò tí ó jókòó sí iwájú ilé rí ẹni tí ó ń wọ kíláàsì, kò sí àpótí tí ó lè dí i lójú. Bákan náà, iye kékeré a máa tú àṣírí: bí ìròyìn bá sọ pé opó kan ṣoṣo wá láti abúlé kékeré kan, gbogbo abúlé mọ ẹni náà. Ní irú ibẹ̀, kí a da abúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ kí a tó ka iye.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, akọ̀wé yóò gbé ìwé kejì jáde. Yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àti olórí bóyá ẹ̀dà kankan wà nínú fóònù wọn, wọn yóò sì pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá yóò wo ìwé náà bí ó ti ń jó, ọ̀kan nínú wọn yóò sì kọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pé a ti sun ún, pẹ̀lú ọjọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.