Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó orí fóònù, ímeèlì àti Facebook ẹni tó ti kú?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Gbági ní Ìbàdàn kú lójijì, tí kò sì kọ ìwé ìhágún. 380,000 náírà ló wà nínú àpò owó orí fóònù rẹ̀. Facebook ló fi ń polówó ọjà, inú ímeèlì rẹ̀ sì ni orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè wà. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ mọ nọ́mbà àṣírí tí ìyá fi ń fi owó ránṣẹ́, torí òun ló máa ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ọmọ yìí lè yọ owó náà láti fi sin ìyá rẹ̀?

Lójú òfin, rárá. Àṣẹ tí ìyá fún un nígbà ayé rẹ̀ parí lọ́jọ́ tí ìyá kú. Láti ọjọ́ náà, owó yẹn ti di ara ogún tí gbogbo ajogún jọ ní. Bó bá yọ ọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè pè é lẹ́jọ́ pé kó wá ṣàlàyé bó ṣe ná an. Kò sì ṣòro láti mọ̀: ọjọ́ àti wákàtí tí owó jáde wà nínú àkọsílẹ̀, ọjọ́ ikú sì wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú.

Orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Tí ìyá bá kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù, ẹni tí báńkì yóò pè ni ìyẹn. Kò sọ àbúrò di ajogún, kò sì fún un láṣẹ láti gba owó.

Ẹni tó láṣẹ ni alámòójútó tí ìwé ìhágún yàn, tí ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí. Níbi tí kò bá ti sí ìwé ìhágún, àwọn tí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ bá fún ní ìwé àṣẹ láti ṣàkóso dúkìá olóògbé ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ìwé àṣẹ náà?

Àwọn ọmọ ìyá yìí yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, NPC. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí dúkìá olóògbé nílé ẹjọ́ gíga. Wọ́n á to gbogbo ohun tí ìyá fi sílẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì mú onídùúró wá. Ilé iṣẹ́ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ iye tó kù fún ilé ẹjọ́. Wọ́n á tún gbé ìkéde jáde kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́.

Àpò owó tí wọn kò bá kọ sínú fọ́ọ̀mù náà ló sábà máa ń fa wàhálà, nítorí ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti san án títí wọn yóò fi padà lọ tún ìwé náà ṣe. Owó orí fóònù kò sì ní ìwé tí wọ́n lè bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni láìńnì tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà lè di títì, kí wọ́n sì gbé nọ́mbà náà fún ẹlòmíràn tó bá yá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹbí tètè sọ fún ilé iṣẹ́ pé olóògbé ti kú.

Ímeèlì àti Facebook

Ti ìwọ̀nyí yàtọ̀: ohun tí olóògbé fúnra rẹ̀ yàn ló máa ń ṣe pàtàkì jù. Lórí Google, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Inactive Account Manager. Ẹ lè yàn pé tí ẹ kò bá lò ó fún oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, kí wọ́n fi àwọn ohun tí ẹ bá tọ́ka sí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fọkàn tán. Google kì í fún ẹbí ní ọ̀rọ̀ aṣínà olóògbé.

Ti Facebook ni Legacy contact. Ẹni tí ẹ bá yàn lè pààrọ̀ fọ́tò yín, ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí òkè ojú ewé yín, ṣùgbọ́n kò lè ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yín. Kò sì sí èyí nínú méjèèjì tó ń sọ èèyàn di ajogún owó.

Ká ní ìyá oníṣọ̀ọ́bù yẹn ti yan ọmọ rẹ̀ kan lórí Google ni, orúkọ àwọn onígbèsè ì bá ti tẹ ẹbí lọ́wọ́. Ká ní ó sì kọ orúkọ gbogbo ibi tí owó rẹ̀ wà sínú ìwé kan, wọn ì bá mọ ohun tí wọn yóò kọ sí fọ́ọ̀mù. Orúkọ ibẹ̀ nìkan tó. Ẹ má kọ nọ́mbà àṣírí sínú ìwé ìhágún, nítorí ojú tí yóò rí i kọjá ti ẹbí tó bá ti dé ilé ẹjọ́.