Ilé Tí Ikán Kò Ní Rí Ọ̀nà Wọ̀

Àwọn àgbà tó ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ lórí ilé kíkọ́. Ìdajì yòókù ni pé ẹnu tí ikán ń bá wọ ògiri kì í sábàá wà níbi tí ojú onílé ń dé. Ikán, afọ́jú tí ń mọ ilé tirẹ̀, tí ń jẹ ilé onílé, awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ fi ń tètè pa á, nítorí náà inú ilẹ̀ tó rin ni ó ti ń wá, inú òkùnkùn ni ó sì ń rìn. Níbi tí kò bá sì ti rí òkùnkùn, yóò fi erùpẹ̀ àti itọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà bíi okùn amọ̀ sí ara ògiri, yóò sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àlàfo tí kò ju mílímítà kan àbọ̀ lọ tó o láti gbà wọlé. Nítorí èyí, mo gbà pé kò sí ilé tí ọ̀mọlé lè dí pa mọ́ ọn pátápátá. Iṣẹ́ tí ọ̀mọlé lè ṣe, tó sì yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ni kí ó kọ́ ilé náà lọ́nà tí ikán kò fi ní rí ibi ìkọ̀kọ̀ gbà, tí yóò fi di dandan fún un láti mọ okùn amọ̀ rẹ̀ sí ìta gbangba, níbi tí a ó ti rí i.

Láti ìpìlẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ihò inú búlọ́ọ̀kù tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún kọnkéré, nítorí pé ihò tó ṣófo láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ títì fún ikán, tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí i. Kí a tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé, kí a ṣa gbogbo èèkàn, àjákù pákó àti ìwé àpò sìmẹ́ǹtì kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ tí a kó síbẹ̀, nítorí oúnjẹ ni wọ́n, ẹni tó bá sì sin wọ́n sábẹ́ ilé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ikán wá jẹun. Lẹ́yìn èyí ni kí a tẹ́ ọ̀rá náílọ̀n tó nípọn sórí iyẹ̀pẹ̀ tí a ti lù mọ́lẹ̀, kí ó gun ara ògiri lọ, kí omi inú ilẹ̀ má baà máa fà wá sókè. Ibi tí ọ̀rá kan bá ti pàdé èkejì, kí wọ́n gun ara wọn dáadáa. Ojú ibi tí ọ̀rá yìí ti dá omi dúró nínú ògiri, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní dípísì, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju íńṣì 6 lọ sókè ilẹ̀ ìta. Íńṣì 6 yìí kì í ṣe ti omi òjò nìkan: òun ni ìhòòhò ògiri tí a ó máa wò láti mọ̀ bí okùn amọ̀ bá ti ń gun òkè. Oògùn ikán tí a ń da sí ilẹ̀ kí a tó da kọnkéré wúlò, ṣùgbọ́n ó ń lọ sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, kò sì lè rọ́pò iṣẹ́ yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta alídírìn tàbí díẹ́lídírìn àtijọ́ fún yín. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Stockholm ní ọdún 2001 ti fòfin dè wọ́n, nítorí májèlé wọn kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ara ènìyàn.

Àtúnṣe ilé ni ó sábàá máa ń ba èyí jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé búlọ́ọ̀kù kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn, tí dípísì rẹ̀ wà ní íńṣì 9 sókè ilẹ̀ nígbà tí a kọ́ ọ. Nígbà tó yá, onílé kó yẹ̀pẹ̀ pupa kún àgbàlá, ó sì to íńtálọ́ọ̀kì lé e, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ íńṣì 8. Ó tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri láti òkè títí wọ inú ilẹ̀, kí ó lè dán. Íńṣì kan péré ló kù, ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri sì ti di ọ̀nà tí ikán gbà kọjá dípísì láìfarahàn. Férémù ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ jẹ, nítorí pé káfíńtà ti ri ẹsẹ̀ férémù náà bọ inú kọnkéré ilẹ̀. Bí onílé bá pààrọ̀ férémù láìṣe nǹkan mìíràn, ikán yóò tún jẹ tuntun, nítorí ọ̀nà wọn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ó hú íńtálọ́ọ̀kì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan ní fífẹ̀, kí ó gbẹ́ ibẹ̀ wálẹ̀ ní íńṣì 5, kí íńṣì 6 ògiri lè padà yọ. Kí ó gé sìmẹ́ǹtì ara ògiri kúrò láti ojú dípísì sísàlẹ̀. Kí ó sì mú kí kòtò náà dà sí gọ́tà, nítorí kòtò tí omi ń dúró sí yóò kó ọ̀rinrin mìíràn bá ìpìlẹ̀. Ẹsẹ̀ férémù tuntun, kí a gbé e lé orí kọnkéré kékeré tó ga ní íńṣì 2 sí ojú ilẹ̀ yàrá, kí igi má tún kan ilẹ̀ mọ́.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, ìrókò Olúwéré, ọba igi inú igbó, ń kọ ojú ìjà sí ikán, bẹ́ẹ̀ náà ni àpà àti òpèpè. Ṣùgbọ́n inú igi, tó dúdú, ni agbára yìí wà, ikán a máa jẹ ara funfun tó yí i ká gẹ́gẹ́ bó ti ń jẹ arère. Ẹni tó bá ra pákó ìrókò tí funfun wà létí rẹ̀, kí ó gé funfun náà dànù. Igi tí kò le, kí a lo oògùn sí i, irú sólígínọ́mù, nígbà tó bá ti gbẹ dénú, nítorí igi tútù kì í fa oògùn mu. Bírọ́ọ̀ṣì kì í mú oògùn wọlé jìnnà, nítorí náà kí a ri ẹsẹ̀ férémù àti orí igi òrùlé bọ inú oògùn, kí ó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Pákó tí a fi ẹ̀rọ ti oògùn wọ inú rẹ̀ dára jù, síbẹ̀ ibi tí káfíńtà bá ti fi ayùn gé e ti di ihò tuntun, kí a tún fi oògùn kùn ún kí a tó kàn án mọ́ ibi tó ń lọ.

Ilẹ̀kùn tó dì dáadáa kò ní dá ikán dúró, ṣùgbọ́n ó wúlò fún eku. Ọmọ eku lè gba ihò mílímítà 6 kọjá, nítorí náà kí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn ìta má tó bẹ́ẹ̀. Kí a sì kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí eku a máa fi eyín sọ pákó lásán di ojú ọ̀nà.

Àkókò tó dára jù láti yẹ ilé wò ni lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí èsúnsún bá fò. Ìyẹ́ wọn tí a bá bá létí fèrèsé lè jẹ́ ti èyí tí iná fà wọlé. Èyí tí a bá bá lẹ́bàá ìlà tó là lára ilẹ̀ tàbí ní ìdí férémù ni kó bà wá lẹ́rù. Kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan férémù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, ọ̀dà tó ń dán lójú igi kì í fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú hàn, àfi ìró rẹ̀ tó bá ṣófo. Bí a bá rí okùn amọ̀ lára ògiri, kí a má ṣe gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Kí a fọ́ ìwọ̀n íńṣì kan láàárín rẹ̀, kí a sì padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ikán bá ti dí i padà, wọ́n ṣì ń kọjá níbẹ̀, okùn náà yóò sì júwe fún wa ibi tí a ó ti gbẹ́ ilẹ̀.