Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀gá Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ìgbéléwọ̀n

Nílé iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ọdọọdún wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé òṣìṣẹ́ ga. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kàn ń kọ "ó já fáfá" tàbí "ọwọ́ rẹ̀ kò yá", wọ́n á sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù náà kò ní mọ ohun tí òṣìṣẹ́ náà ṣe gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé kan tó ń tọ́jú fáìlì. Dípò "ọwọ́ rẹ̀ kò yá", ọ̀gá rẹ̀ lè kọ pé: "Nínú fáìlì 40 tí a béèrè lóṣù Kẹta, 9 ló gbà ju ọjọ́ kan lọ kó tó rí wọn. A bá a sọ̀rọ̀ lóṣù Kẹrin. Lóṣù Kẹsàn-án, 2 péré nínú 40 ló pẹ́." Àléébù hàn, àtúnṣe náà hàn, akọ̀wé fúnra rẹ̀ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé tí wọ́n fi ń gba fáìlì.

Àfi kí ọ̀gá máa ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kejìlá, ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ nìkan ni yóò rántí. Kó tún wádìí bóyá ẹ̀bi akọ̀wé ni, àbí àwọn ẹ̀ka mìíràn ni kì í dá fáìlì padà.

Gbólóhùn tí ẹ ò bá lè tọ́ka sí ọjọ́, iṣẹ́ tàbí ìwé tó jẹ́rìí sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó buwọ́ lù ú.