Ẹrù Aláṣọ Tó Ń Lọ Rajà ní Kánò

Láti Ìbàdàn dé Kantin Kwari, ọjà aṣọ ńlá tó wà ní Kánò, ọ̀nà jìn ju kí aláṣọ débẹ̀ tán kó tó rántí ohun tó gbàgbé sílé.

Owó ọjà kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì. Owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ti alábàárù nìkan ni kó mú lọ́wọ́, kó sì pín in sí ibi méjì. Èyí tó kù, kó wà ní báǹkì. Kó tó fi í ránṣẹ́, kó wo orúkọ tó jáde lórí fóònù bóyá ti ẹni tó ń tajà ni.

Àpẹẹrẹ aṣọ ṣe pàtàkì gan-an. Kó gé àǹkárá tí oníbàárà fẹ́ níbi etí, níbi tí wọ́n tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sí. Fọ́tò kò tó, nítorí fóònù máa ń yí àwọ̀ padà. Kó gbé méjèèjì sí oòrùn kó fi wéra. Nọ́ńbà lè bára mu kí aró má dọ́gba.

Rìsíìtì àtijọ́ yóò jẹ́ kó mọ iye tó rà á tẹ́lẹ̀. Lórí tuntun, kí iye aṣọ hàn kedere: 40 aṣọ olópòó mẹ́fà jẹ́ 240 ọ̀pá. Tí ìwé bá kọ “bélì kan” lásán, kò lè bèèrè èyí tó dín.

Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì náà kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.