Ẹ Ka Bíìlì Ẹrù Yín Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

A mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wa tó ń dáwó jọ ra ẹrù kọ̀ntẹ́nà kan láti Ṣáínà, tí wọ́n á gbà á ní Àpápá kí wọ́n tó gbé e wá sí Sángo. Ìwé kan wà tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró, bí ẹ tilẹ̀ ti san gbogbo owó ọjà. Òun ni bíìlì ọ́fù lédìn, tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi ń jẹ́rìí pé ẹrù ti dé ọwọ́ àwọn, tí wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí àwọn máa kó o fún.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹni tó tajà fún yín máa ń rí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bíìlì yìí gbà. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè fún un. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfọ́ìsì àti Fọ́ọ̀mù M tí ẹ gbà nípasẹ̀ báńkì, kí ẹ wá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lókè pátápátá, ẹ ó rí ibi orúkọ mẹ́ta: ẹni tó fẹrù ránṣẹ́, ẹni tó máa gba ẹrù, àti ẹni tí wọ́n máa fi tó létí nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Orúkọ ẹni tó máa gba ẹrù ló sábà máa ń fa wàhálà. Bí ó bá jẹ́ “Adùkẹ́ àti Àwọn Ọmọ” ló wà nínú Fọ́ọ̀mù M, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ “Ìyá Adùkẹ́” síbí. Bí ẹ bá rí orúkọ báńkì níbẹ̀, ẹ má fòyà, ó lè jẹ́ báńkì ló dúró fún owó ọjà. Ṣùgbọ́n báńkì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀yìn bíìlì náà kí ẹ tó lè fi gba ẹrù. Ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ pẹ̀lú orúkọ kẹta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á ti dé, ẹ ò ní gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ọkọ̀ àti èbúté tó ń lọ. Àpápá, Tín Káàn àti Lẹ́kí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, kì í ṣe ibì kan náà. Ẹ wò ó bóyá èyí tó wà nínú Fọ́ọ̀mù M ni wọ́n kọ.

Àárín ìwé ni ẹrù fúnra rẹ̀ wà. Nọ́ńbà kọ̀ntẹ́nà máa ń ní lẹ́tà mẹ́rin àti fígọ̀ méje. Ara àwọn tó ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣírò fígọ̀ tó gbẹ̀yìn, torí náà kọ̀ǹpútà sábà máa ń mọ̀ bí wọ́n bá ṣi ọ̀kan kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo iye páálí. Ká ní ẹ ra páálí àwo tánńganran 1,250, tí páálí kọ̀ọ̀kan wọn kílò 15. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ kílò 18,750. Bí wọ́n bá ṣi fígọ̀ méjì gbé, tí wọ́n kọ páálí 1,520, ẹ fi iye páálí pín ìwọ̀n náà: kílò 12 àti díẹ̀ ló máa jáde. Ẹ ti mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá tíì gbéra, ẹ ránṣẹ́ sí olùtajà, kí ó ní kí wọ́n tún un kọ. Bí àṣìṣe yẹn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á rí 1,520 nínú bíìlì àti 1,250 nínú ínfọ́ìsì, wọ́n sì lè ní kí ẹ tú gbogbo kọ̀ntẹ́nà fún àyẹ̀wò. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé àtúnṣe, owó sì wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń dúró, owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gorí ara wọn: owó ilẹ̀ tí èbúté ń gbà, àti dẹ́múréèjì tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń gbà lórí kọ̀ntẹ́nà wọn, nígbà tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ bá ti tán.

Ó wá ku ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti san owó ọkọ̀ mọ́ owó ọjà, ó gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀ pé ẹ ti san án. Bí wọ́n bá kọ pé èbúté tí ẹrù ń lọ ni wọ́n ti máa san án, wọ́n á tún béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ wo iye ojúlówó bíìlì tí wọ́n ṣe. Mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹnì kan bá ti fi ọ̀kan gba ẹrù, méjì tó kù di asán. Nítorí náà, ẹ má fi èyíkéyìí sọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni méjì jọ ka àkọsílẹ̀ náà. Kí ẹnì kan máa ka bíìlì sókè, kí èkejì máa fi ìka tọ ínfọ́ìsì àti Fọ́ọ̀mù M. Níbi tí ìka bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ké sí olùtajà, lọ́jọ́ yẹn gan-an.