Ilé Mẹ́fà, Ìmọ̀ràn Mẹ́rin, Ìtàn Méjì: Ètò Oṣù Kan fún Ejẹ́ǹtì Ilé

Ẹni tó bá ń wá ilé ní Ìkòròdú lónìí, orí fóònù ni yóò ti kọ́kọ́ wá a kó tó wọ bàtà. Ohun tó sì máa ń bá pàdé níbẹ̀ jọra wọn: àwòrán yàrá tó ṣókùnkùn, "fúláàtì oníyàrá méjì, ẹ tètè pè", àti iye kan tí kì í ṣe gbogbo owó tí yóò san. Bó bá wá pe ejẹ́ǹtì náà, wọ́n á ní ilé yẹn ti lọ tipẹ́.

Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lèèyàn fi ń wá ilé. Tó bá ti rí i, ojú ìwé tó jẹ́ kìkì ilé kò wúlò fún un mọ́. Àmọ́ ẹni yìí kan náà lè ní ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí bàbá tí ayálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nílé rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó wúlò àti ìtàn àwọn oníbàárà ló ń mú kírú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, kó lè rántí orúkọ ejẹ́ǹtì nígbà tí ẹlòmíì bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ejẹ́ǹtì tó ń dá ṣiṣẹ́, ìkéde mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, èyí tó jẹ́ méjìlá lóṣù: ilé mẹ́fà, ìmọ̀ràn mẹ́rin, ìtàn méjì. Kí ìmọ̀ràn máa jáde lọ́jọ́ Ajé, kí ilé máa jáde ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ráyè lọ wo ilé, nítorí náà ẹni tó bá rí ìkéde ní Ọjọ́rú ṣì ní àkókò láti pè, láti béèrè ohun tó bá fẹ́, kó sì bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á pín sí méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, ìtàn ni kó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹrin, ilé mìíràn ni, torí pé àsìkò yẹn ni owó oṣù ń wọlé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ìkéde ilé fúnra rẹ̀. Ká ní fúláàtì kan wà nítòsí Àgríìkì ní Ìkòròdú, tí owó rẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún. Bí ejẹ́ǹtì bá kọ 600,000 nìkan, ẹni tó ní 650,000 lọ́wọ́ á pè, á wá wo ilé, á sì bínú padà sílé. Bí àgírímẹ́ǹtì bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 60,000 nìyẹn. Kọmíṣọ̀n náà jẹ́ 60,000. Bí onílé bá tún ń gba 50,000 fún kọ́ṣọ̀n, àpapọ̀ rẹ̀ di 770,000. Iye yìí ló yẹ kó wà lókè ìkéde, kí ìṣirò rẹ̀ tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Àwọn tó máa pè lè dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tó bá pè á jẹ́ ẹni tó lè san án.

Lẹ́yìn owó, omi, iná àti ọ̀nà ló kù. Ṣé kànga ni àbí bọhóòlù? Ṣé ilé náà ní mítà tirẹ̀, tàbí ẹni mẹ́rin ló ń dá owó iná pọ̀? Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Band A ti ga sókè, àwọn ayálégbé ti ń béèrè bóyá àdúgbò wà ní Band A, níbi tó yẹ kí iná máa wà fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, tí owó rẹ̀ sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Kí ejẹ́ǹtì ya àwòrán lọ́sàn-án, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kó má sì fo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àdúgbò ń fi hàn bóyá omi òjò ń dúró níbẹ̀. Nọ́ńbà ilé kò gbọ́dọ̀ hàn, pàápàá tí ẹnì kan bá ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kò ní láti gùn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ, kó sì sọ ọ́ délẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó kan Ìkòròdú. Ìmọ̀ràn ọ̀sẹ̀ kejì lè jẹ́ nípa ìwé ìkìlọ̀: níbi tí àdéhùn kò bá ti sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún ayálégbé ọlọ́dọọdún kó tó kó jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹta lè jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀: kó tó sanwó, kó jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ mú nọ́ńbà ojú ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ní Alausa, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìmọ̀ràn yìí wúlò gan-an fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi owó ránṣẹ́ láti London tàbí Houston láì fojú kan ilẹ̀.

Ìtàn oníbàárà ló ṣòro jù láti kọ dáadáa. "Inú oníbàárà wa dùn" kì í ṣe ìtàn. Ìtàn gbọ́dọ̀ ní ohun tó dí ọ̀nà: bóyá onílé kan tí ilé rẹ̀ ṣófo fún oṣù mẹ́ta nítorí pé kò sí mítà, tí ejẹ́ǹtì gbà á níyànjú pé kó rà á, tí ilé sì lọ lẹ́yìn náà. Kí ejẹ́ǹtì sọ iye tí onílé ná àti ìgbà tí ilé tó lọ, kó sì fi orúkọ àti ojú ẹni náà pamọ́ àyàfi tó bá gbà. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, nítorí náà kí ejẹ́ǹtì gba àṣẹ yẹn sílẹ̀ ní kíkọ. Kó má sì gbé ọ̀rọ̀ tí òun àti oníbàárà jọ kọ síra wọn síta.

Ibi tí ìkéde ń jáde sí náà ṣe pàtàkì. Lórí Status WhatsApp, wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló ń lò, àwọn tí wọ́n sì ti tọ́jú nọ́ńbà ejẹ́ǹtì sórí fóònù wọn, tí òun náà tọ́jú tiwọn, nìkan ló ń rí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó pè lẹ́ẹ̀kan tí kò tọ́jú nọ́ńbà ti lọ nìyẹn, àfi tí ejẹ́ǹtì bá sọ fún un. Ti Facebook kò rí bẹ́ẹ̀, ìkéde ń dúró síbẹ̀ títí di ìgbà tí ẹnì kan bá yọ ọ́.

Bí oṣù bá parí, kí ejẹ́ǹtì má ka iye ẹni tó fọwọ́ sí i pé ó dára. Kó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí wa?", kó kọ ìdáhùn sínú ìwé, kó sì ka iye àwọn tó wá wo ilé ní tòótọ́ láti inú ìkéde kọ̀ọ̀kan. Ìkéde tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn tí ẹnikẹ́ni kò tìtorí rẹ̀ pè, owó àpapọ̀ tàbí àdúgbò ni kò sí nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ejẹ́ǹtì tó bá ń ka èyí, ẹ ṣí ojú ìwé yín lónìí kí ẹ tó kọ ohun tuntun sí i. Ilé tó bá ti lọ, ẹ kọ "ó ti lọ" sí i tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò.